Ẹ̀rọ Onípò Mẹ́ta tó ń Dá Ìlọ́po Mẹ́ta Mọ̀

Ẹ̀rọ inú ìrònú ni èyí, tó ń ka nọ́ńbà alámì méjì, àní 0 àti 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò, láti òsì sí ọ̀tún, tó sì ń sọ bóyá mẹ́ta pín in láìṣẹ́kù. Michael Rabin àti Dana Scott ṣàlàyé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fínnífínní ní 1959. Ìyókù nìkan ni ẹ̀rọ wa yìí ń rántí. Ipò A dúró fún ìyókù 0, B fún 1, D fún 2, kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí nọ́ńbà náà gùn tó.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bí àmì tuntun bá dé, a ó sọ ìyókù di ìlọ́po méjì, a ó fi àmì náà kún un, a ó sì yọ mẹ́ta bó bá pé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀.

```
    0  1
A   A  B
B   D  A
D   B  D
```

Láti A ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, A náà sì ni ipò ìtẹ́wọ́gbà. 1001, tí í ṣe 9, gba B, D, B kọjá, ó sì parí sí A. Àwọn mìíràn a máa ka iye 1 lásán, ṣùgbọ́n 111, tí í ṣe 7, ń tú àṣìṣe wọn fó, nítorí B ló parí sí. Ẹ̀rọ yìí tún ń tẹ́wọ́ gba òfìfo tí kò ní àmì kankan. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí gbọ́dọ̀ fi ipò ìbẹ̀rẹ̀ kẹrin kún un.