Àdán Dorí Kodò: Àkọsílẹ̀ Ètò Rédíò fún Ọmọ Ilé-Ìwé

Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ gbogbo. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú àwùjọ, tí àwọn yòókù ń ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ni àgbà máa ń pa òwe yìí fún: ẹnu rẹ̀ dákẹ́, ojú rẹ̀ ò dákẹ́. Ohun tó wù mí jù nínú òwe náà ni pé ó fún àdán lójú. Àdán ń wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé lónìí ló gbà pé àdán fọ́jú, bẹ́ẹ̀ kò sí irú àdán kan tí kò ní ojú tó ń ríran. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ òwe yìí sókè ìwé nígbà tí wọ́n ní kí n ṣe àkọsílẹ̀ ètò oníṣẹ́jú márùn-ún fún rédíò ilé-ìwé, lórí ẹranko òru àti bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tó yí wọn ká.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kéré púpọ̀. Bí mo bá kàwé sókè bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe lè bá mi lọ, nǹkan bí 110 ọ̀rọ̀ ni mò ń kà ní ìṣẹ́jú kan. Tí a bá yọ ìlù ìbẹ̀rẹ̀ àti ìró inú ètò kúrò, kò lè ju 450 ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó òwìwí, ológbò, òkété àti ejò pọ̀ sínú ìyẹn yóò kàn ka orúkọ wọn ni. Ẹranko kan ṣoṣo ni mo mú. Àdán ni mo mú, nítorí pé etí nìkan ni rédíò ní, ọ̀kan nínú ìran àdán sì wà tó jẹ́ pé etí ló fi ń jẹun.

Ọ̀kan nínú wọn ni mo wí. Àdán ńlá tó ń jẹ èso kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ á ti rí wọn, bí wọ́n ṣe so rọ̀ lórí igi lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń jáde lọ wúrúwúrú bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá na ìyẹ́ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mítà láti igun kan dé èkejì. Ojú rẹ̀ tóbi, imú rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì ló sì fi ń wá èso tó pọ́n nínú òkùnkùn. Kóró ìrókò wà lára ohun tó ń gbé kiri tó ń yà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ní gbogbo àdán ló ń fi etí ríran ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àṣìṣe yìí ni mo sì kọ́kọ́ ń wá nínú àkọsílẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni òòbẹ̀, kékeré abẹ́ òrùlé tó ń jẹ kòkòrò. Ojú tirẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àmọ́ etí rẹ̀ dìde gbọnrangandan. Á pariwo, á dúró de gbohùngbohùn ariwo náà, ìyẹn ni yóò sì sọ fún un ibi tí ògiri wà, ibi tí ẹ̀ka wà àti ibi tí ẹran wà. Bí mo ṣe fi èyí sínú ètò náà rèé:

ÀǸTÍ: Dúró síwájú ògiri kíláàsì, kí mítà 34 wà láàárín yín, kí o wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí lo gbọ́?

ỌMỌ: Mo gbọ́ àtẹ́wọ́ mi, mo tún gbọ́ òmíràn tó tẹ̀ lé e, mà.

ÀǸTÍ: Ìró náà rin mítà 34 lọ, ó rin mítà 34 bọ̀. Ó jẹ́ mélòó?

ỌMỌ: 68 ni, mà.

ÀǸTÍ: Ìró máa ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

ỌMỌ: Á jẹ́ pé ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ló fi lọ tó fi bọ̀.

ÀǸTÍ: O káre. Bí àfòpiná bá wà ní mítà kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ sí òòbẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni ìró fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Òòbẹ̀ ò sì pàdánù rẹ̀.

Mo fi àkíyèsí kan sílẹ̀ fún olùkọ́. Bí ọmọ bá sún mọ́ ògiri ju mítà 17 lọ, etí èèyàn ò ní lè ya àtẹ́wọ́ àti gbohùngbohùn rẹ̀ sọ́tọ̀, ọmọ náà á sì ní kò sí nǹkan kan. Kì í ṣe pé ó purọ́. Ó yẹ kó sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i ni.

Ìtàn bí wọ́n ṣe mọ èyí gba ìdajì ìṣẹ́jú nínú ètò náà. Ní 1793, Lazzaro Spallanzani ní ilẹ̀ Ítálì rí i pé bí iná bá kú pátápátá, òwìwí á máa forí sọ nǹkan, àdán ò ní forí sọ ohunkóhun. Ó tún rí i pé àdán tí kò ríran mọ́ ń fò bó ti ń fò tẹ́lẹ̀. (Bó ṣe sọ wọ́n di afọ́jú, mi ò fi ìyẹn sí etí ọmọdé.) Louis Jurine ní Jìnífà wá dí etí wọn, ni wọ́n bá ń kọlu ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ò gbà á gbọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó gbọ́ kí àdán tó ń fò pariwo. Ó di 1938 kí Donald Griffin tó gbé àdán lọ síwájú ẹ̀rọ kan ní Yunifásítì Harvard, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró tó ga ju agbára etí èèyàn lọ. Ariwo ni wọ́n ń pa, wọn ò sinmi.

Ìṣòro tí mo bá pàdé nínú ètò yìí gan-an ló wà níbí. Etí ọmọdé tó mú jù ń gbọ́ ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Rédíò ẹfú-ẹ́ẹ̀mù kò gbé ju nǹkan bí 15,000 lọ. Ohùn ọ̀pọ̀ òòbẹ̀ wà ní bíi 40,000. Bí a bá gbé e sáfẹ́fẹ́ bó ṣe rí, a ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí Àǹtí kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí pé bí rédíò bá dákẹ́ láìsọ ìdí, olùgbọ́ á rò pé ó bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni a óò fa ohùn kan náà falẹ̀ nígbà mẹ́wàá. 40,000 á di 4,000, gbogbo etí á sì gbọ́ ọ. Ó yẹ kí a sọ fún ọmọ pé a fà á falẹ̀ ni. Bí a bá dákẹ́, irọ́ la pa fún un.

Ohùn tí a fà náà dà bí ọwọ́ onígángan. Nígbà tí òòbẹ̀ ṣì ń wá oúnjẹ, ó ń pè ní bíi ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú tiwa á di ẹyọ kan ṣoṣo: kó… kó… kó. Bó bá gbọ́ àfòpiná, ọwọ́ onílù á máa yá, á máa yá, títí tí yóò fi sún mọ́ 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó di ogún nínú tiwa: kókókókókó. Bí ìpè bá ṣe pọ̀ tó ni òòbẹ̀ ṣe ń mọ ibi tí ẹran náà yí sí ní kíá.

Àmọ́ àwọn àfòpiná kan ní etí tiwọn, wọ́n sì ń gbọ́ ìpè yẹn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbọ́ ọ, á pa ìyẹ́ dé, á ju ara rẹ̀ sílẹ̀ bí òkò. Nítorí náà, nígbà tí ìlù náà bá yá tán tó sì dákẹ́ wẹ́lo, Àǹtí á bi àwọn ọmọ bóyá òòbẹ̀ ti jẹun ni tàbí àfòpiná ti já bọ́ sínú koríko. Kò ní dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò: kó… kó… kó.