Ẹ́ńtírópì Yìnyín Tó Ń Yọ́ àti Omi Tó Ń Hó: Ìdí Tí A Fi Ń Fi Ìwọ̀n Ìgbóná Pín Ooru

Ká ní a gbé píọ̀ wọ́tà kan tó ti dì gbagidi, 500 gíráàmù, sílẹ̀ nínú yàrá kan ní Ẹdẹ, tí yàrá náà gbóná tó 30 dígírì. Tí yìnyín yìí bá ti dé òdo dígírì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, kò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di omi. Títú àwọn mólékù rẹ̀ kúrò ní ìtò ni ooru tó ń wọlé ń bá lọ. Gíráàmù kan ń gba 334 júùlù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 167,000.

Kí ló dé tí a kò fi ooru yìí nìkan wọn ìyípadà náà? Inú ẹ̀rọ ni ìdáhùn ti wá. Sadi Carnot ará Faransé ló kọ̀wé ní 1824 lórí ẹ̀rọ tó ń gba ooru níbi gbígbóná, tó sì ń tú díẹ̀ sílẹ̀ níbi tútù. Lẹ́yìn rẹ̀, Rudolf Clausius ará Jámánì ṣàlàyé pé bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò bá fi nǹkan kan ṣòfò, ooru tó wọlé pọ̀ ju èyí tó jáde lọ, torí apá kan ti di iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwọ̀n ìgbóná ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kọjá pín in, èsì méjèèjì dọ́gba. Q/T ni kò yẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá yí po padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, òun náà ni Clausius sì pè ní ẹ́ńtírópì ní 1865.

Nítorí náà, ΔS = Q/T, T sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Kẹ́lífìnì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi òdo pín ooru yìnyín yóò tètè mọ̀, ẹ̀rọ ìṣirò á kọ̀ ọ́. Ẹni tó fi 100 pín ti omi híhó ni mo ń ṣàánú: yóò rí èsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ, kò sì ní fura.

Yìnyín wa jèrè 167,000/273, ìyẹn 612 júùlù fún Kẹ́lífìnì kan. Yàrá tó fún un ní ooru wà ní 303, 551 péré ló sì pàdánù. Èlé 61 yìí ló fà á tí omi náà kò fi lè padà dì fúnra rẹ̀ lórí tábìlì. Bí yàrá bá wà ní òdo dígírì gan-an, èlé kò ní sí. Yíyọ́ àti dídì yóò rọrùn bákan náà.

Bí a bá wá gbé omi yìí kaná láti 30 dígírì, ìpín kan ṣoṣo kò tó mọ́, torí T ń yí padà. Lọ́gárídímù là ń lò níbẹ̀: 500 × 4.18 × ln(372/303), tó jẹ́ nǹkan bí 429. A lo 372 torí Ẹdẹ ga ju ojú òkun lọ ní ohun tó lé ní 200 mítà, omi sì ń hó níbẹ̀ kí ó tó pé 100 dígírì. Tó bá ti ń hó, T tún dúró. Gíráàmù kan ń gba nǹkan bí 2,260 júùlù kó tó di oru omi. 1,130,000/372 fún wa ní nǹkan bí 3,040. Èyí tó ìlọ́po márùn-ún ti yìnyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé T tí a fi pín in tóbi jù, torí àwọn mólékù tó wà pọ̀ nínú omi ti wá fọ́n ká sí àyè tó lé ní ìlọ́po 1,600.