Rọ́ọ̀dù Kan, Ìwọ̀n Mẹ́ta

Aago 7:40 àárọ̀. Òjò àná ṣì dúró nínú kòtò ojú títì Ìdírókò nígbà tí injiníà tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta kan gbé ègé rọ́ọ̀dù mẹ́rin wọ ilé àyẹ̀wò wa ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ara rọ́ọ̀dù mẹ́ta nínú ìdì kan náà ló ti gé mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin jẹ́ àfikún láti ara rọ́ọ̀dù kẹta.

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Mìlímítà 12 ni wọ́n pè é tí wọ́n fi tà á fún wa. Ẹ bá wa fà á wò.”

Inú mi dùn pé kò mú ẹyọ kan péré wá. Páǹtí irin ni wọ́n ń yọ́ ṣe ọ̀pọ̀ rọ́ọ̀dù tó wà lọ́jà: ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lónìí, ara mọ́tò lọ́la. Irin tó jáde nínú iná kan lè má bá ti òmíràn dọ́gba.

Aago 8:30. Mo fi kálípà mú ègé àkọ́kọ́ lórí àwọn ìlà tó yọ lára rẹ̀, ó fún mi ní mìlímítà 12.0. Mo mú un láàárín ìlà méjì, ó di 10.4. N kò gba ìkankan nínú méjèèjì, nítorí rọ́ọ̀dù onílà kì í ṣe róbótó geere. Òṣùwọ̀n ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ègé náà gùn ní mìlímítà 600, ó sì wọn gíráàmù 440. Nígbà tí a ti mọ bí irin ṣe ń wúwo tó, a lè ṣírò ojú ibi tí a gé:

A = m / (0.00785 × L) = 440 / (0.00785 × 600) = 93.4 mm²

Rọ́ọ̀dù mìlímítà 10.9 nìyẹn. Ojú mìlímítà 12 tòótọ́ jẹ́ 113.1, ègé tó gùn báyìí ì bá sì wọn gíráàmù 533. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó dín ju 17 lọ. Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, BS 4449, kò gbà kó dín ju 4.5 lọ.

Aago 10:15. Mo fi irin ṣóńṣó lu àmì méjì sára ègé náà, mìlímítà 60 síra wọn, mo sì tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ. Kílóníútìn kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni mo fi ń fà á. Bí a bá sáré fà á, irin á pẹ́ kó tó jọ̀wọ́, nọ́ńbà á sì ga ju òótọ́ lọ. Ní kílóníútìn 41.0, ọwọ́ aago dúró sójú kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ṣì ń fà. Ìpẹ́ dúdú ara irin bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Irin ti jọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà ó tún gbé e dé 56.5, ó yọ ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì já.

Mo so ojú méjèèjì pọ̀, mo sì wọn àárín àmì: 60 ti di 70.2. Ó gùn sí i ní 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú ẹ̀rọ ní 24 ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń ka yíyọ̀ tí irin ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ gígùn, nítorí náà n kò kọ iye yẹn.

Aago 11:30. Ègé kejì jọ̀wọ́ ní 40.6. Ẹ̀kẹta já nínú ẹnu ẹ̀rọ gan-an, níbi tí eyín ti gé e lára. Ọgbẹ́ ni ìyẹn dán wò, kì í ṣe irin. Mo yọ ọ́ kúrò, mo sì fa àfikún. Ó jọ̀wọ́ ní 41.5.

Aago 2 ọ̀sán. Ibi ìṣirò ni àṣìṣe tó burú jù fara pamọ́ sí. Níútìn 41,000 ti ègé àkọ́kọ́ ni mo mú. Bí mo bá fi ojú mìlímítà 10.4 ti kálípà pín in, màá rí 483: ó yege lójú BS 4449:1997 àtijọ́ tó béèrè 460. Bí mo bá fi ojú tí òṣùwọ̀n fún mi pín in, 439 ni: ó kùnà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yege lójú NIS 117:2004 ti Nàìjíríà, tó ń béèrè 420. Bí mo bá fi ojú mìlímítà 12 tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì pín in, 363 ni: ó kùnà lójú méjèèjì. Irin kan náà ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì fà á.

Bí ẹ̀rọ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wá, 439 yóò fi bíi 4 yí padà. Àṣìṣe rúlà àti òṣùwọ̀n kò tó ìyẹn. Àmọ́ yíyan ojú tí a ó fi pín agbára mú ìyàtọ̀ 120 wá.

Aago 4:30. Injiníà padà dé. Mo fi ìlà méjì hàn án nínú ìròyìn náà: irin fúnra rẹ̀ kò burú, 439, rọ́ọ̀dù náà kì í ṣe mìlímítà 12.

“Ọ̀gá, ṣé mo lè lò ó?”

Mo ní kó fi agbára rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ṣírò, kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mìlímítà 12 tòótọ́ tó yege ní 420 yóò gbé kílóníútìn 47.5, mẹ́fà jẹ́ 285. Ti inú ìdì yìí ń gbé bíi 41, nítorí náà ó nílò méje níbi tí wọ́n ti ya mẹ́fà, bí àyè bá sì wà fún kọnkéré láti wọ àárín wọn. Ó tẹ́ àwòrán ilé náà sórí tábìlì mi, ó mú bírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka rọ́ọ̀dù òpó kọ̀ọ̀kan.