Àmì Búlúù, Last Seen àti Typing Lórí WhatsApp: Ohun Tí Wọ́n Ń Tú Síta àti Bí A Ṣe Lè Bò Wọ́n

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò ṣeé kà fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, nítorí pé títì ni wọ́n tì í pa láti orí fóònù yín títí yóò fi dé orí fóònù ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí títì yìí kò bò fún ẹni tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀: wákàtí tí ẹ wọlé sórí WhatsApp kẹ́yìn, ìṣẹ́jú tí ẹ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti àsìkò tí ìka yín wà lórí lẹ́tà. Ẹni tí ó bá ń kó àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí jọ lè mọ ìgbà tí ẹ ń sùn, ìgbà tí ẹ ń jí, àti alẹ́ tí ẹ kò sí nílé, láìka gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń sọ, nítorí pé àṣìkà wọn ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, àti láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Àmì máàkì kan ṣoṣo tí ó ní àwọ̀ eérú túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí fóònù yín, ṣùgbọ́n kò tíì dé orí fóònù ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí. Ó lè jẹ́ pé ó pa fóònù rẹ̀, tàbí pé dátà rẹ̀ ti tán, tàbí pé ó ti dínà mọ́ yín. Àmì náà nìkan kò tó láti fi mọ èyí tí ó jẹ́. Máàkì méjì aláwọ̀ eérú ni pé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí méjèèjì bá di búlúù, ó ti ṣí ojú ewé ìtàkurọ̀sọ náà. Oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni àmì búlúù yìí bẹ̀rẹ̀, inú sì bí àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi tètè fi ọ̀nà àti pa á sí i.

Last seen ni wákàtí tí ẹni kan lo WhatsApp kẹ́yìn. Online ń sọ pé ó ṣí i sílẹ̀ lójú fóònù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yìí gan-an. Kò sọ pé ó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò sì sọ pé ó ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Typing ń sọ pé ó ń tẹ nǹkan nínú ìtàkurọ̀sọ tiyín. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ tí ó sì pa á rẹ́, ẹ ó rí typing, ẹ kò sì ní rí ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tí ó pa rẹ́ náà kò kúrò lórí fóònù rẹ̀ rárá.

Ibi tí ewu wà ni kí ẹnìkan máa ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ nọ́ọ̀sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti pínyà, ṣùgbọ́n tí ọkùnrin náà kò gbà. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ní alẹ́ tí nọ́ọ̀sì náà bá wà nílé, last seen rẹ̀ máa ń dúró sí aago mẹ́wàá alẹ́, kì í sì í yí padà títí di ìdájí. Ní alẹ́ tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń yẹ fóònù rẹ̀ wò ní aago kan òru, ní aago mẹ́ta, àti ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tí ó bá ń múra àtilọ sílé. Bí ọkùnrin náà bá ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, yóò mọ alẹ́ tí ilé rẹ̀ ṣófo, yóò sì mọ ìgbà tí ó máa ń dúró de ọkọ̀ láàárọ̀. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ó fúnra rẹ̀ máa jí lóru. Àwọn kan ti ṣe ètò tí ń ṣọ́ online nọ́ńbà ènìyàn tọ̀sán-tòru, wọ́n sì ń tà á.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yìí yóò kọ́kọ́ ṣe ni kí ó ti last seen àti online pa. Lórí fóònù Android, kí ó ṣí WhatsApp, kí ó tẹ àmì tótó mẹ́ta tí ó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ó wọ inú Settings, kí ó wọ Privacy, lẹ́yìn náà kí ó tẹ Last seen and online. Orúkọ kan náà ni àwọn ojú ewé wọ̀nyí ń jẹ́ lórí iPhone. Ìbéèrè méjì ni yóò bá níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó lè rí last seen. Everyone ni gbogbo ẹni tí ó bá ní nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́, títí kan ẹni tí ó rí i lára pátákó ìtajà. My contacts ni àwọn tí òun fúnra rẹ̀ fi nọ́ńbà wọn pamọ́ sórí fóònù. Nobody ni pé ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu jù ni My contacts except..., nítorí pé ó lè mú orúkọ ọkùnrin náà níbẹ̀ kí ó yọ ọ́ sọ́tọ̀, kí ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa rí i bí wọ́n ti ń rí i. Ẹ kíyè sí i pé My contacts lásán kò ràn án lọ́wọ́ bí nọ́ńbà ọkùnrin náà bá ṣì wà nínú fóònù rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò dá: ẹni tí ó lè rí i nígbà tí ó bá wà lórí ẹ̀rọ. Bí èyí bá wà lórí Everyone, last seen lè ti fara pamọ́ kí online sì ṣì máa hàn gedegbe. Kí ó yí i sí Same as last seen. Láti ọdún 2022 ni àǹfààní yìí ti wà. Ohun tí yóò ná an ni pé òun náà kò ní rí ti ẹni tí òun yọ sọ́tọ̀. Bí ó bá sì mú Nobody, kò ní rí ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni àmì búlúù. Nínú Privacy kan náà, kí ó wá Read receipts kí ó sì pa á. Èyí kò ṣeé yàn fún ẹnìkan ṣoṣo: bí a bá pa á, a pa á fún gbogbo ènìyàn, a kò sì ní rí àmì búlúù tiwọn náà. Kò tún ní máa rí àwọn tí ó wo Status rẹ̀. Oníṣòwò tí ó ń fi Status polówó ọjà, tí ó sì ń wo iye ènìyàn tí ó rí i, yẹ kí ó rò ó dáadáa kí ó tó pa á. Ó sì yẹ kí á mọ̀ pé Mark as unread kò dá àmì búlúù padà. Ìrántí fún ẹni tí ó ni fóònù ni, kò kan ẹni tí ó kọ̀wé.

Nọ́ọ̀sì wa lè rò pé gbogbo ilẹ̀kùn ti tì báyìí. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun àti ọkùnrin náà ṣì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn lórí WhatsApp. Pípa Read receipts kò kan ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́. Bí ọkùnrin náà bá kọ «Ẹ kú alẹ́ o» sínú ẹgbẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí ó tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, tí ó sì mú Info, yóò rí orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti kà á, pẹ̀lú wákàtí tí oníkálukú kà á. Bí orúkọ nọ́ọ̀sì bá jáde níbẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ mọ̀. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nìkan ni ó lè rí Info yìí, nítorí náà àmì náà lè má jọ ẹnikẹ́ni mìíràn lójú. Ohun tí nọ́ọ̀sì náà lè ṣe ni kí ó pa ohùn ẹgbẹ́ náà, kí ó fi í sí Archived, kí ó má sì ṣí i ní òru iṣẹ́. Wákàtí kan náà ni kí ó máa ṣí i lójoojúmọ́, yálà ó wà nílé tàbí kò sí. Bí olórí ẹgbẹ́ bá jẹ́ ẹni tí ó ṣeé fi ọ̀rọ̀ lọ̀, yíyọ ọkùnrin náà kúrò ló dára jù.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ náà kò sá sábẹ́ Read receipts. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí yín, àmì gbohùngbohùn ara rẹ̀ yóò di búlúù lójú ẹni tí ó fi ránṣẹ́, bí ẹ tilẹ̀ ti pa àmì kíkà. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ sàn díẹ̀ ní ti èyí, nítorí pé a lè kà á nínú ìfitónilétí tí ó jáde lójú fóònù láìṣí WhatsApp rárá. Àwọn mìíràn máa ń pa dátà kí wọ́n tó kà á, ṣùgbọ́n ìdádúró lásán nìyẹn fún ẹni tí Read receipts rẹ̀ wà ní títàn: bí dátà bá ti padà, àmì búlúù yóò lọ.

Ní ti typing, WhatsApp kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń pa á. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó hàn lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ orí fóònù, kí ó dà á kọ, kí ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé ìtàkurọ̀sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí Signal, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: Typing indicators wà nínú Privacy, ó sì ṣeé pa, gẹ́gẹ́ bí Read receipts ti rí; Signal kò tilẹ̀ ní last seen. Bí ẹnì kejì bá gbà láti bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó rọrùn jù.

Nítorí àìsí bọ́tìnnì yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń lo àwọn ayédèrú bíi GBWhatsApp, tí ó ṣèlérí láti fi typing àti àmì búlúù pamọ́ fún olúwarẹ̀ nìkan. A kò gbà yín nímọ̀ràn láti lò ó. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ WhatsApp ló ṣe é, kì í sì í sí ní ibi tí a ti ń gba ètò sórí fóònù lọ́nà tí ó tọ́. Wọ́n lè gbé nọ́ńbà tí a fi ń lò ó kúrò lórí WhatsApp. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí a kò mọ̀ ni a fi gbogbo ọ̀rọ̀ wa lé lọ́wọ́, kí a lè fi àmì kékeré kan pamọ́.

Bí ẹ bá ti yí ètò yín padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gba fóònù ẹnìkan tí nọ́ńbà rẹ̀ kò sí nínú tiyín, kí ó ṣí orúkọ yín lórí WhatsApp nígbà tí ẹ̀yin náà ṣí tiyín sílẹ̀. Bí online kò bá jáde lábẹ́ orúkọ yín, ètò náà ti mú. Ẹ ní kí ó kọ nǹkan ránṣẹ́, kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì wò bóyá máàkì méjèèjì dúró sí àwọ̀ eérú.

Bí ẹni tí ń ṣọ́ yín bá ti ń fi ikú tàbí ìpalára halẹ̀ mọ́ yín, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ètò orí fóònù. Òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, ka irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má ṣe pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù kí ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà rẹ̀ hàn nínú rẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ẹbí tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ tó dínà mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí ó sún mọ́ yín jù.