Owó ìfiránṣẹ́ àti réètì: ohun tó ń bu owó òkè-òkun kù kó tó délé

Owó tí ẹni tó wà lókè-òkun fi ránṣẹ́ sílé kì í dé bó ṣe gbéra. Ohun méjì ló ń bù ú lọ́nà. Èkíní ni owó ìfiránṣẹ́ tí iléeṣẹ́ tó gbé e ń gbà. Èkejì ni iye pàṣípààrọ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí réètì, ìyẹn iye náírà tí wọ́n fún un lórí pọ́n-ùn tàbí dọ́là kan. Wọ́n máa ń kọ owó ìfiránṣẹ́ sójú rísíìtì kí oníbàárà lè rí i. Ohun tí wọ́n gé nínú réètì kì í sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ réètì gan-an ló ti gba owó jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, pàápàá láàárín 2020 sí 2023.

Bí iléeṣẹ́ ṣe ń jèrè

Réètì kan wà láàárín ọjà, tí àwọn báńkì ńláńlá fi ń bá ara wọn ra owó. Iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn fowó ránṣẹ́ kì í sábà fún oníbàárà ní réètì yìí. Á dín in kù díẹ̀, ohun tó dín yẹn á sì di èrè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ kan fi lè kéde pé òun kì í gba kọ́bọ̀ fún ìfiránṣẹ́, síbẹ̀ tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi iye àfiṣàpèjúwe ṣe é. Ká ní réètì àárín ọjà jẹ́ 2,000 náírà sí pọ́n-ùn kan, tí ọmọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́ fi 100 pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo. Iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gba owó ìfiránṣẹ́ rárá, ṣùgbọ́n 1,940 ni réètì tirẹ̀. Ìyá á gba 194,000 náírà. Iléeṣẹ́ kejì yọ pọ́n-ùn kan àti ààbọ̀ kúrò nínú owó náà, ó sì ṣẹ́ 98.50 tó kù ní 1,990. Ìyá á gba 196,015. Èyí tó gbowó ìfiránṣẹ́ ló fi ohun tó lé ní 2,000 náírà san ju èyí tó ní òun kò gba nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 20 pọ́n-ùn lọmọ náà ní lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìyá á gba 38,800 lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ àkọ́kọ́, á sì gba 36,815 péré lọ́dọ̀ èkejì. Irú owó ìfiránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í yí padà bí owó tí à ń rán bá kéré, nítorí náà ó máa ń jẹ owó kékeré lára gan-an. Ohun tí wọ́n gé nínú réètì ní tirẹ̀ máa ń pọ̀ sí i bí owó bá ṣe ń pọ̀ sí i. Nínú àpẹẹrẹ yìí, bíi 60 pọ́n-ùn ni ibi tí méjèèjì ti dọ́gba. Ẹni tó ń rán owó táṣẹ́rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àti ẹni tó ń kó o jọ rán lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò gbọ́dọ̀ lo iléeṣẹ́ kan náà láìṣírò.

Réètì méjì ní Nàìjíríà

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ Nàìjíríà di ọ̀tọ̀ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, réètì ìjọba àti réètì àwọn abókí kò bára mu. Ní May 2023, bíi 460 náírà ni dọ́là kan nídìí ìjọba, nígbà tí àwọn abókí ń rà á ní bíi 750. Bí wọ́n bá ṣẹ́ 200 dọ́là ní réètì ìjọba, 92,000 náírà ni. Lọ́wọ́ abókí, 150,000 ni. Àlàfo náà jẹ́ 58,000 náírà. Bí iléeṣẹ́ bá gba dọ́là márùn-ún owó ìfiránṣẹ́, 3,750 náírà péré ni lọ́wọ́ abókí. Ẹni tó ń wá ibi tí owó ìfiránṣẹ́ ti dínkù nígbà náà ń lé eku, ó fi ẹran sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ èyí, wọ́n sì yẹra fún iléeṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rọrùn: ọmọ á san pọ́n-ùn fún ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹlẹ́gbẹ́ onítọ̀hún ní Ìbàdàn á sì san náírà sínú àkáǹtì ìyá. Owó kankan kò kọjá òkun. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ẹni tó gba pọ́n-ùn bá sá lọ, kò sí rísíìtì, kò sì sí ibi tí a lè fẹjọ́ sùn sí.

Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbìyànjú láti fa owó náà padà. Ní 30 November 2020, ó pàṣẹ pé dọ́là gan-an ni kí wọ́n máa san fún ẹni tó ń gbowó nílé, kí onítọ̀hún lè lọ ṣẹ́ ẹ níbi tó wù ú. Ní March 2021, ó tún fi ètò kan kún un: náírà márùn-ún lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tó bá gba ọwọ́ iléeṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ wọlé. Lórí 200 dọ́là, 1,000 náírà nìyẹn. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín réètì ìjọba àti ti abókí lásìkò náà tó bíi 70 náírà lórí dọ́là kan, nítorí náà ẹ̀bùn náà kò lè dí i.

Ìjọba fúnra rẹ̀ ló wá pa àlàfo náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní 14 June 2023, wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, réètì ìjọba fò láti bíi 470 kọjá 660. Ní January 2024, Báńkì Àpapọ̀ ní náírà ni kí wọ́n máa san nílé báyìí, ó sì mú òfin kúrò tó ní kí réètì àwọn iléeṣẹ́ yìí má ṣe fi ju ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti ọjà ìjọba. Nígbà tí 2024 fi máa parí, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà.

Ǹjẹ́ ìdílé jèrè níbẹ̀?

Ẹnu kò kò lórí èyí. 200 dọ́là tó jẹ́ 150,000 lọ́wọ́ abókí ní 2023 ti di 300,000 ní ìparí 2024. Ṣùgbọ́n ìṣirò ìjọba fi hàn pé ọjà gbówó lórí pẹ̀lú ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan tó parí ní December 2024, oúnjẹ sì gbówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jọ pé ẹni tó ń gba réètì ìjọba tẹ́lẹ̀ jèrè gidi. Ti ẹni tó ti ń lọ sọ́dọ̀ abókí láti ìbẹ̀rẹ̀ kò dájú: bó bá jèrè, èrè náà lè má pọ̀, bó bá sì jẹ́ pé oúnjẹ lèyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó rẹ̀, ó lè má jèrè rárá.

Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò

Sẹ́fà so mọ́ yúrò ní 655.957. Ẹni tó ń rán owó láti Faransé sí Kútọnù kò ní wàhálà réètì méjì. Owó ìfiránṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló tó: bí mo bá kó 100 jáde nínú àpò mi, náírà mélòó ló máa wọ ọwọ́ wọn nílé? Ẹ bi iléeṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta láàárín wákàtí kan náà, nítorí réètì ń yí lójoojúmọ́. Ẹ sì rántí pé bí ìyá ò bá ní báńkì nítòsí, oníPOS á tún gba tirẹ̀ nínú rẹ̀. Láti October 2013, òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí iléeṣẹ́ fi owó ìfiránṣẹ́, réètì àti iye tó máa délé han oníbàárà kó tó sanwó. Láti 1 January 2026, orílẹ̀-èdè náà tún ń gba owó orí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí èèyàn bá kó ní kéèṣì lọ fún wọn láti rán jáde. Ẹni tó bá san án láti inú àkáǹtì báńkì tàbí káàdì Amẹ́ríkà kò sí nínú rẹ̀.