Ìnara Ráńpẹ́ fún Ẹni Tó Ń Jókòó Ṣiṣẹ́

Ìnara ráńpẹ́ ni eré ìdárayá tí kò gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ, tí ẹni tó ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́ lè fi tú ọrùn, èjìká àti iwájú ìbàdí tó ti gan. Iwájú ìbàdí ni àwọn ènìyàn kì í sábà ṣe bó ṣe yẹ, nítorí náà ibẹ̀ ni àyọkà yìí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣan ńlá kan wà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, tó gba inú ikùn kọjá, tó sì wá so mọ́ òkè egungun itan lápá inú. Òun ló ń gbé itan sókè nígbà tí a bá ń gun àtẹ̀gùn. Bí a bá jókòó, ó súnkì. Tó bá ti mọ́ ọn lára láti wà bẹ́ẹ̀, ìgbà tí a bá dìde ni yóò fa ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn síwájú, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń mú àwọn mìíràn bí wọ́n bá ṣe kúrò lórí àga. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo iṣan tó bá ń ṣe ènìyàn bíi pé ó le ló súnkì ní tòótọ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ lásán. Ó dára ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àyẹ̀wò tí a ń lò jẹ mọ́ orúkọ Hugh Owen Thomas, oníṣègùn egungun ọmọ ilẹ̀ Wélíìsì tó gbé ayé láàárín ọdún 1834 sí 1891. Jókòó sí etí ibùsùn tó le díẹ̀, fẹ̀yìn lélẹ̀, kí o sì fi ọwọ́ méjèèjì fa orúnkún kan mọ́ àyà títí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yóò fi kan ibùsùn. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ kejì rọ̀ sílẹ̀. Bí itan rẹ̀ bá sùn lé ibùsùn, iṣan inú ikùn kò súnkì. Bí ó bá dìde, ó súnkì. Bí itan bá sùn ṣùgbọ́n tí orúnkún kò fẹ́ ká, iwájú itan ló le.

Ká mú obìnrin kan tó ń ṣe ìṣirò owó ní ófíìsì. Itan ọ̀tún rẹ̀ dìde ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ti òsì sùn pẹrẹsẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò máa na ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan ni ti òsì. Yóò fi orúnkún ọ̀tún kúnlẹ̀ lórí tìmùtìmù, yóò gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, yóò sì fún ìdí ọ̀tún pọ̀ kí ìbàdí lè ká wọlé lábẹ́ ikùn. Lẹ́yìn èyí nìkan ni yóò sún síwájú díẹ̀, tí yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, tí yóò sì máa mí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ènìyàn á ti ikùn síwájú, ẹ̀yìn á tẹ̀, itan á sì dà bí ẹni pé ó lọ jìnnà, bẹ́ẹ̀ iṣan náà kò nà rárá. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń fún un, kò tíì ṣe é dáadáa. Iwájú itan ọ̀tún lókè ló yẹ kó ti mọ̀ ọ́n. Bí ìró tó ró kò bá jẹ́ kó lè kúnlẹ̀, kó di tábìlì mú, kó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn lórí ìdúró, kó sì ṣe ohun kan náà.

Ní ti ọrùn, fa àgbọ̀n tààrà sẹ́yìn láìtẹ orí ba, dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí o sì tún un ṣe nígbà 10. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ ọ̀tún di ìjókòó àga mú kí èjìká má bàa gòkè, kí o wá fi orí dẹ̀ sí òsì fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ṣe ti apá kejì náà. Òkè ẹ̀yìn ló sábà máa ń le jù nínú ọ̀ràn èjìká: jẹ́ kí etí ìfẹ̀yìntì àga wà nísàlẹ̀ palaba èjìká, gbé ọwọ́ sẹ́yìn orí, kí o sì rọra tẹ̀ sẹ́yìn nígbà 8. Àga onítáyà kò dára fún èyí àyàfi tí a bá tì í mọ́ ògiri.

Kò sí bí ìnara yìí yóò ṣe pẹ́ lára bí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá ṣì wà nísàlẹ̀ tí orí ń tẹ̀ tọ̀ ọ́. Fi ìwé gbé e sókè títí òkè ojú rẹ̀ yóò fi bá ojú rẹ dọ́gba, lo kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, kí o sì máa dìde ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, padà sí àyẹ̀wò etí ibùsùn. Bí itan kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ rárá, ó yẹ kí oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá wo aláìsàn yẹ ìbàdí náà wò.

Gígan tí ó bá ń fa ara ríro nìkan kì í sábà léwu. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń kú tàbí tí kò lè di nǹkan mú, bí ìrìn bá ń yẹ̀, bí ibà àti orí fífọ́ bá bá ọrùn tó gan rìn, tàbí bí ìrora bá tẹ̀lé jàǹbá, kí a má ṣe nara. Ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an.