Ohùn Màmá Nínú Kásẹ́ẹ̀tì: Ìtàn Ìkòkò Aró Ilé Wa

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn ìyá ìyá mi, ẹni tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ ní ìsọ̀ aládìrẹ ní Ìtòkú, mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ohùn Màmá wà nínú kásẹ́ẹ̀tì méjì tí mo gbà sílẹ̀ ní 2004, mo sì ti kọ kókó ọ̀rọ̀ inú wọn sínú ìwé ní 2005, kí Màmá tó dolóògbé ní 2009. Mo ní kí n sáà ṣe àdàkọ rẹ̀. Àṣé ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe kọ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gba wákàtí kan, ojú kan ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà àkọ́kọ́, mo kàn jókòó gbọ́ ọ ni, mi ò mú bírò dání. Nígbà kejì, mo ń kọ ohun tó ń sọ àti ibi tó ti sọ ọ́: ojú kejì, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ owó orí. Nígbà kẹta, òwe rẹ̀ nìkan ni mo ń ṣọ́, torí pé a lè fi ọ̀rọ̀ tiwa ké ìtàn kúrú, ṣùgbọ́n òwe ò ṣeé ké kúrú. Bó bá ṣe pa á ni mo ṣe kọ ọ́. Ibi tó bá sì ti pa á dé ìdajì, ìdajì ni mo kọ.

Ojú kẹrin ti bà jẹ́ díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gba orin lé e lórí, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì nílé, àwọn eyín kékeré méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dá wọn, kò ní gba ohùn mìíràn mọ́. Èmi ò tètè mọ̀. Nínú ìwé mi, níbẹ̀, mo kọ ọ́ pé: “Ohùn ti parẹ́ níbí.” Mo rántí díẹ̀ nínú ohun tó sọ, àmọ́ ìrántí tèmi nìyẹn, kì í ṣe ohùn Màmá. Ibi kan tún wà tí Màmá ti sọ fún mi pé, “Pa á ná.” Mo pa á. Ohun tó sọ nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ kò sí nínú ìwé mi, kò sì ní sí níbí.

Ìtàn náà rèé ní ṣókí.

Màmá ní ìyá òun ni aláró àkọ́kọ́ nílé wa, pé nílé ìyá aláró kan ní Kémta ló ti kọ́ ọ. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà dáadáa. Wọ́n á jó igi di eérú, wọ́n á kó eérú náà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, tó jókòó lórí òmíràn, wọ́n á da omi sí i kí ó máa kán sísàlẹ̀. Omi eérú yẹn ni wọ́n ń kó ẹ̀lú tí wọ́n ti gún tí wọ́n sì ti sá gbẹ sí, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyá rẹ̀ á gbóòórùn rẹ̀, á wo ìfóófòó rẹ̀, á mọ̀ bóyá aró ti jí. Iye ẹ̀lú tí wọ́n ń kó sínú ìkòkò kan, ìyá aláró ọ̀hún kò sọ ọ́ fún àlejò rí. Ibẹ̀ ni Màmá ti pa òwe pé, “Bí iṣu ẹni bá ta, à fọwọ́ bò ó jẹ ni.” Èmi ìbá ti sọ pé ahun ni ìyá náà. Òwe yẹn ni Màmá fi sọ ọ́, kò bú u.

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ ìjà sódà. Sódà òyìnbó dé, kò jẹ́ kí wọ́n máa jó igi púpọ̀ mọ́, aró sì ń yá. Àwọn kan ní ó ń jẹ aṣọ. Aláké Adémọ́lá kejì fòfin dè é, àwọn aláró yarí, wọ́n gba lọ́yà, títí tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Màmá sọ ọ́ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀, pé ìyá òun sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n da ìkòkò òun nù. Ẹ wá gbọ́, kò lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló ṣe. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ nìyí.

Màmá kò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Ó kàn sọ pé nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá sùn sí iwájú ààfin nítorí owó orí, ìyá òun lọ, ó fi òun sílé kí òun máa ṣọ́ aró, torí pé òun ò tíì tó ẹni tí ń san owó orí. Ẹgbẹ́ ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú ìyẹn, ní ìparí 1947 ni. Láti ọmọ ọdún 15 ni wọ́n ń gbowó orí lọ́wọ́ ọmọbìnrin nígbà náà. Tí Màmá ò bá tíì pé 15 ní 1947, a jẹ́ pé ìparí 1932 ni wọ́n bí i, tàbí kó jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó tún ní òun ti pọn àkọ́bí òun nígbà tí Ọba ti Òṣogbo dé. Aláké lọ sí Òṣogbo ní 1948, oṣù Kejìlá 1950 ló padà. Bí a bá ní 1933 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún 17 tó pọnmọ nìyẹn, èyí tí kì í ṣe àjèjì láyé wọn. Nítorí náà mo kọ “bíi 1933”.

Kí ló dé tí mo fi kọ “bíi”? Torí pé Màmá fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ìwé ni àwọn agbowó orí ń wò, ọmú ọmọbìnrin ni wọ́n ń wò. Ìyá rẹ̀ a máa fi í pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò aró bí wọ́n bá ń bọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti pé 15 tí ìyá rẹ̀ sì ń sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ 1925 tí wọ́n kọ sí pátákó òkú rẹ̀, nítorí ẹni ọdún 22 kò ṣeé fi pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò. (Ẹ má bínú, ẹ̀yin tí ẹ ṣe pátákó náà.) Bó bá wá jẹ́ bíi 1933, ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà ìjà sódà. Nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un.” Ti 1947, mo kọ pé: “Ohun tó fojú ara rẹ̀ rí.” Mo kà á fún un ní 2005, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá òun ló ń sọ ọ́, òun ti gbọ́ ọ púpọ̀ débi pé òun gan-an ti ń rí i.

Nígbà tó dórí ìpadàbọ̀ Ọba, Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ilé ọba tó jó...” ó sì dákẹ́. Gbogbo wa la mọ ìyókù òwe yẹn, pé ẹwà ló bù sí i. Bóyá inú rẹ̀ dùn ni o, bóyá ó ń fi Ọba ṣe yẹ̀yẹ́ ni o, ẹ̀rín yẹn kò sọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: “Ó rẹ́rìn-ín, kò parí i.”

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó kù tí mo sọ lókè. Báwo ni ìyá Màmá ṣe dé ilé aláró ní Kémta? Ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, Màmá ò ní kí n pa á. Ó ní wọ́n fi ìyá òun ṣe ìwọ̀fà ni. Bàbá ìyá rẹ̀ yá pọ́n-ùn mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá aláró náà láti fi sìnkú, ó sì fi ọmọbìnrin rẹ̀ dúró. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè kù. Èlé owó ni iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́wàá ni o, ogún ọdún ni o, títí wọ́n á fi kó pọ́n-ùn mẹ́ta yẹn sílẹ̀ pé pérépéré. Nígbà tí náírà dé ní 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Bí mo bá sọ ọ́ di owó tiwa, náírà mẹ́fà nìyẹn, àwọn ọmọ á fi ṣe ẹ̀rín. Nítorí náà pọ́n-ùn mẹ́ta ni mo kọ, bí Màmá ṣe pè é.

Ọdún méje ló lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n san owó náà tán, ìyá aláró fún un ní ìkòkò kan, ó ní kó máa gbé e lọ sílé ọkọ. Ìkòkò yẹn ló di iṣẹ́ ilé wa, òun ló rán ìyá mi nílé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo ka àkọsílẹ̀ yìí fún ẹbí kí n tó mú un wá fún ẹgbẹ́, àbúrò ìyá mi ọkùnrin ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà kúrò. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ó lọ kọ́ṣẹ́. Ó ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, pé àwọn àna wa máa ka ìwé yìí. Mi ò fojú di í, bàbá mi ni. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ bá a, a jọ gbọ́ ọ. Mo fi ìwé 2005 hàn án pẹ̀lú. Nígbà tí mo kà á fún Màmá lọ́dún náà, nǹkan mẹ́ta ló ní kí n tún ṣe: orúkọ àdúgbò kan, iye ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí, àti ọdún ìwọ̀fà tí mo kọ ní mẹ́fà. Ó ní, “Méje ni. Má jí ọdún kan gbé nínú ìyà ìyá mi.”

Bọ̀ọ̀dá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò fẹ́ ẹ. Mo ti kọ ọ́.